Gbogbo, Àwọn Kan, Kò Sí: Ìbéèrè Ìrònú Méje tí a Fi Òbìrìkìtì Yanjú

Ìwé ìdánrawò yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún apá ìrònú nínú ìdánwò tó ń bọ̀. Nínú ìdánwò àṣewò tí a ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìbéèrè kẹta tó wà nísàlẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ yín kò gbà. Kì í ṣe pé ẹ kò ronú. Ẹ ya àwòrán kan ṣoṣo, ẹ rí i pé ó bá ìkádìí mu, ẹ sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Nítorí náà ni mo ṣe kọ gbogbo ojútùú sílẹ̀ ní kíkún.

Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn ìpìlẹ̀ méjì, tí ẹ gbọ́dọ̀ gbà ní òtítọ́ kódà bí ẹ bá mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ láyé, ó sì ní ìkádìí tí ẹ ó yẹ̀ wò. A kò béèrè bóyá ìkádìí náà jẹ́ òtítọ́. Ohun tí a ń béèrè ni bóyá ó di dandan, ìyẹn ni pé kò sí bí gbólóhùn ìpìlẹ̀ méjèèjì ṣe lè jẹ́ òtítọ́ kí ìkádìí sì já sí irọ́.

Bí a ṣe ń ya àwòrán

Leonhard Euler lo òbìrìkìtì fún irú ìrònú yìí nínú àwọn lẹ́tà tó kọ sí ọmọbìnrin ọba kan, èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní ọdún 1768. Ní ti Euler, bí àwọn ọ̀wọ́ bá ṣe bá ara wọn tan ni a ó ṣe ya òbìrìkìtì wọn: ọ̀kan wọnú èkejì pátápátá, tàbí kí wọ́n jìnnà síra. Ní ọdún 1880 ni John Venn gbé ọ̀nà mìíràn jáde: a ó kọ́kọ́ ya gbogbo òbìrìkìtì kí wọ́n gba inú ara wọn kọjá, kí gbogbo ohun tó ṣeé ṣe lè ní àyè tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó wá máa fi àmì sí i. Ọ̀nà ti Venn ni mo fẹ́ kí ẹ máa lò, nítorí pé kì í jẹ́ kí a fi ojú fo ohun tí gbólóhùn kò sọ.

Ẹ ya òbìrìkìtì mẹ́ta, A, B àti D. B ni ọ̀wọ́ tó bá fara hàn nínú gbólóhùn ìpìlẹ̀ méjèèjì. Àwòrán náà yóò pín sí yàrá méje nínú, pẹ̀lú ìta tó ṣe ìkẹjọ. Ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn báyìí: yàrá 1 jẹ́ ti A nìkan, 2 jẹ́ ti B nìkan, 3 jẹ́ ti D nìkan, 4 jẹ́ ti A àti B láìsí D, 5 jẹ́ ti B àti D láìsí A, 6 jẹ́ ti A àti D láìsí B, 7 sì ni àárín gbùngbùn tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé.

Bí gbólóhùn bá ní “gbogbo A ni B”, ẹ kun apá A tó wà lẹ́yìn òde B dúdú, nítorí pé òfìfo ni. Bí ó bá ní “kò sí A tó jẹ́ B”, ibi tí A àti B ti pàdé ni ẹ ó kùn. Bí ó bá ní “àwọn A kan ni B”, ẹ fi àmì X sí ibi tí wọ́n ti pàdé. X túmọ̀ sí pé ó kéré tán, ohun kan wà níbẹ̀. Yàrá tí kò ní ọ̀dà tí kò sì ní X jẹ́ yàrá tí a kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, irú yàrá bẹ́ẹ̀ ló sì ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ.

Ẹ kíyè sí èdè wa fúnra rẹ̀. “Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni kò wá” kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú “kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló wá”. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ “kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá”. Ti èkejì kàn sọ pé ó kéré tán akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí kò wá. Bákan náà, bí ẹnìkan bá sọ fún wa pé àwọn kan dé, a máa ń rò pé àwọn mìíràn kò dé, a sì máa ń rò pé wọ́n ju ẹyọ kan lọ. Nínú ìbéèrè wọ̀nyí, “àwọn kan” lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè jẹ́ gbogbo wọn.

Ìbéèrè 1. Gbogbo igún ni ẹyẹ. Kò sí ẹyẹ tó jẹ́ ẹranko afọ́mọlọ́mú. Ìkádìí: Kò sí igún tó jẹ́ ẹranko afọ́mọlọ́mú.

A ni igún, B ni ẹyẹ, D ni ẹranko afọ́mọlọ́mú. Gbólóhùn kìíní kun yàrá 1 àti 6. Èkejì kun 5 àti 7. Ibi tí A àti D ti pàdé ni 6 àti 7, méjèèjì sì ti dúdú. Ìkádìí náà di dandan.

Ìbéèrè 2. Àwọn dókítà kan ni olùkọ́. Gbogbo olùkọ́ ni òǹkàwé. Ìkádìí: Àwọn dókítà kan ni òǹkàwé.

A ni dókítà, B ni olùkọ́, D ni òǹkàwé. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti orí gbólóhùn kìíní, ẹ kò ní mọ̀ bóyá yàrá 4 tàbí 7 ni kí ẹ fi X sí. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ kùn ṣáájú kí a tó fi X sí ibikíbi. “Gbogbo olùkọ́ ni òǹkàwé” kun 2 àti 4. Yàrá 7 nìkan ló kù fún X, inú A àti D sì ni yàrá náà wà. Ìkádìí náà di dandan.

Ìbéèrè 3. Gbogbo nọ́ọ̀sì ni òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kan ni ọkùnrin. Ìkádìí: Àwọn nọ́ọ̀sì kan ni ọkùnrin.

A ni nọ́ọ̀sì, B ni òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, D ni ọkùnrin. Gbólóhùn kìíní kun yàrá 1 àti 6. Gbólóhùn kejì ní kí a fi X sí ibi tí B àti D ti pàdé, ìyẹn 5 àti 7, kò sì sí èyí tí a ti kùn nínú méjèèjì. Ta ni yóò sọ fún wa èwo ni ká yàn? Kò sí ẹni náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, orí ìlà tó pín yàrá méjèèjì ni X ń dúró sí, láti fi hàn pé ó kéré tán ohun kan wà nínú ọ̀kan nínú wọn, a kò sì mọ èyí tó jẹ́.

Ìkádìí náà ń fẹ́ X tó dúró gbọn-in nínú 6 tàbí 7. Yàrá 6 ti dúdú. X tó wà lórí ìlà sì lè jẹ́ ti yàrá 5, ìyẹn ni pé awakọ̀ tàbí ẹ̀ṣọ́ ilé ìwòsàn ni àwọn ọkùnrin náà, tí gbogbo nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì jẹ́ obìnrin. Gbólóhùn ìpìlẹ̀ méjèèjì ṣì jẹ́ òtítọ́ nínú àwòrán yìí, síbẹ̀ ìkádìí ti di irọ́. Àwòrán kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ tó láti já ìkádìí kulẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún àwòrán mìíràn bá a mu. Ìkádìí náà kò di dandan.

Mo mọ ohun tó ṣe ọ̀pọ̀ yín: gbogbo wa la mọ nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọkùnrin. Ìmọ̀ yẹn ló gbé X kúrò lórí ìlà, kì í ṣe gbólóhùn tó wà níwájú yín. Bí ẹ bá rí i pé ọkàn yín ń sáré, ẹ fi lẹ́tà A, B àti D rọ́pò àwọn orúkọ náà, kí ẹ tún ìbéèrè náà kà.

Ìbéèrè 4. Gbogbo ejò ni afàyàfà. Gbogbo alángbá ni afàyàfà. Ìkádìí: Kò sí ejò tó jẹ́ alángbá.

Afàyàfà ni B. Yàrá 1, 6 àti 3 ti dúdú, ṣùgbọ́n 7 ṣì wà láìní àmì kankan, bẹ́ẹ̀ ìkádìí ń fẹ́ kí 7 náà dúdú. Kò di dandan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́.

Ìbéèrè 5. Kò sí ẹja tó ní ìyẹ́ lára. Àwọn ẹ̀dá inú omi kan ní ìyẹ́ lára. Ìkádìí kìíní: Àwọn ẹ̀dá inú omi kan kì í ṣe ẹja. Ìkádìí kejì: Àwọn ẹja kan kì í ṣe ẹ̀dá inú omi.

A ni ẹja, B ni ohun tó ní ìyẹ́, D ni ẹ̀dá inú omi. Gbólóhùn kìíní kun 4 àti 7. X gbólóhùn kejì ìbá wà ní 5 tàbí 7, ṣùgbọ́n 7 ti dúdú, nítorí náà 5 ni. Yàrá 5 wà nínú D, ó sì wà lẹ́yìn òde A, èyí sì mú kí ìkádìí kìíní di dandan. Ìkádìí kejì ń fẹ́ X nínú 1 tàbí 4. Kò sí àmì kankan ní 1, 4 sì dúdú. “Àwọn D kan kì í ṣe A” kò ṣeé yí padà sí “àwọn A kan kì í ṣe D”.

Ìbéèrè 6. Àwọn akéwì kan ni akọrin. Àwọn akọrin kan ni oníjó. Ìkádìí kìíní: Àwọn akéwì kan ni oníjó. Ìkádìí kejì: Kò sí akéwì tó jẹ́ oníjó.

Akọrin ni B. X kan wà lórí ìlà àárín 4 àti 7, òmíràn wà lórí ìlà àárín 5 àti 7, a kò sì kun yàrá kankan. Yàrá 6 àti 7, tí ìkádìí méjèèjì ń sọ nípa rẹ̀, lè ní ẹnìkan nínú, ó sì lè ṣófo. Kò sí ìkádìí tó di dandan fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: bí ibẹ̀ kò bá ṣófo, ìkádìí kìíní jẹ́ òtítọ́, bí ó bá ṣófo, ìkádìí kejì jẹ́ òtítọ́, kò sí ọ̀nà kẹta. Bí ìwé ìdánwò bá fún yín ní àǹfààní láti yan “ọ̀kan nínú méjèèjì”, òun ni ìdáhùn. Ẹ má ṣe yan “kò sí èyí tó tọ̀nà”, nítorí pé dandan ni kí ọ̀kan nínú wọn tọ̀nà.

Ìbéèrè 7. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jí ìwé wò ni a ó fagi lé èsì rẹ̀. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jí ìwé wò ni yóò fara hàn níwájú ìgbìmọ̀. Ìkádìí: Àwọn kan tí a ó fagi lé èsì wọn yóò fara hàn níwájú ìgbìmọ̀.

A ni àwọn tí a ó fagi lé èsì wọn, B ni àwọn tó jí ìwé wò, D ni àwọn tí yóò fara hàn. Gbólóhùn kìíní kun 2 àti 5, èkejì kun 2 àti 4. Nínú B, yàrá 7 nìkan ló kù, ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn tó fi X síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá jí ìwé wò lọ́dún náà, òfin méjèèjì ṣì dúró, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ìgbìmọ̀ yóò rí. Lójú Venn, ìkádìí náà kò di dandan.

Àwọn onímọ̀ ìrònú àtijọ́ kò wò ó bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, bí a bá ti sọ “gbogbo B”, ó kéré tán B kan gbọ́dọ̀ wà. X yóò sì bọ́ sí 7, ìkádìí yóò sì di dandan. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré: nínú irú ìrònú 256 tí a lè fi gbólóhùn mẹ́ta kọ, 15 ló dúró láìgbà pé ohunkóhun wà nínú ọ̀wọ́, wọ́n sì di 24 bí a bá gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ ka ìlànà ojú ìwé kìíní ìdánwò yín. Bí ó bá sọ pé kò sí ọ̀wọ́ tó ṣófo, ẹ fi X sí ibi tó kù nínú òbìrìkìtì náà. Bí kò bá sọ ohunkóhun, ẹ fi yàrá 7 sílẹ̀ bó ṣe wà.