Orúkọ àti ipò àwọn tó máa fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ káàárọ̀ o, Ìyáàfin Àjàyí,

Ẹ ṣeun tí ẹ pè mí lánàá, mà. Mo ti rí ímeèlì tí ẹ fi tẹ̀lé e. Mo ń bọ̀ ní Olúyọ̀lé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá àárọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ ayẹ̀wò oúnjẹ adìyẹ. Apẹ̀tẹ̀ ni mo ti ń bọ̀, ẹ sì mọ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Mọ́kọ́lá láàárọ̀, torí náà màá tètè kúrò nílé.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ẹ lè bá mi fi orúkọ àwọn tó máa jókòó síbẹ̀ ránṣẹ́, àti ipò tí oníkálukú wọn dì mú? "Ìgbìmọ̀" ni ẹ kọ sínú ímeèlì, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹni méjì ni tàbí márùn-ún.

Ohun tí mo ṣe ń béèrè ni pé iṣẹ́ ayẹ̀wò oúnjẹ adìyẹ ní apá púpọ̀. Bí ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìlọ bá wà níbẹ̀, màá gbé ìwé tí mo ti ń kọ bí omi inú àgbàdo ṣe pọ̀ tó dání, lọ́rì kan tẹ̀ lé òmíràn. Èyí tí tiẹ̀ bá ti ju ìdá 13 nínú 100 lọ, mi ò kì í jẹ́ kó wọ ilé ìkẹ́rùsí kí wọ́n tó sá a gbẹ, torí bó bá bu pẹ́nrẹ́n, májèlé àfilatọ́sìn lè tibẹ̀ yọ. (Ìwé náà ti dọ̀tí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Èmi ni mo ni ín, kò sí àṣírí ilé-iṣẹ́ kankan nínú rẹ̀.) Bó bá jẹ́ dókítà ẹran ni, ọ̀rọ̀ èròjà inú oúnjẹ ni màá tún yẹ̀ wò. Bó bá sì jẹ́ ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nìkan, mo lè fi ìwé àgbàdo sílé.

Yàtọ̀ síyẹn, ó lè jẹ́ Alhaja tàbí Dókítà ni ẹnì kan nínú wọn, mi ò sì fẹ́ fi oyè ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì náà máa bi mí pé ta ni mo wá rí.

Bí òfin yín kò bá gbà kí ẹ dárúkọ wọn, ipò wọn nìkan ti tó mi, mà. Mi ò ní pe ẹnikẹ́ni nínú wọn, mi ò sì ní kọ̀wé sí wọn ṣáájú ọjọ́ náà.

Bí ẹ bá lè dá mi lóhùn kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, inú mi á dùn. Ẹ lè fi í sórí Wọ́sáàpù, nọ́ńbà tí ẹ fi pè mí náà ni.

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà.

Rónkẹ́ Ọládiípọ̀