Mẹ́mò sí Ọ̀gá Àgbà: Ohun tó kọ wá lóminú nínú ìwé ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà

Sí: Ọ̀gá Àgbà
Láti ọ̀dọ̀: Olórí Ẹ̀ka Òfin
Ọjọ́: 14 Oṣù Kẹwàá, 2024
Kókó: Rírà ilé-iṣẹ́ elúbọ́, gàrí àti fùfú inú ọ̀rá ní Ọ̀tà
Ìwé àṣírí ni, ẹ̀yin nìkan ni mo kọ ọ́ sí.

Ẹ kú iṣẹ́, sà.

Ìwé 412 ni àwọn tó ń tà kó sínú yàrá ìwé orí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣí fún wa. Èmi àti àwọn lọ́yà wa ti kà á tán. Àbá mi ni pé kí ẹ má tíì fọwọ́ sí àdéhùn lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjà wọn dára, ẹ̀rọ wọn sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìpín ilé-iṣẹ́ la fẹ́ rà. Gbèsè yòówù tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá gbà á, a ti di onígbèsè náà nìyẹn.

Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Orúkọ ẹni tó ta ilẹ̀ náà fún wọn ní 2011 ló ṣì wà lórí ìwé àṣẹ ilẹ̀ títí di òní. Wọ́n ní ìwé títà, wọ́n sì ti san owó òǹtẹ̀ rẹ̀, àmọ́ kò sí ìfọwọ́sí gómìnà. Abala 22 Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ló béèrè fún un, abala 26 sì sọ pé títà tí kò bá tẹ̀lé òfin náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo tún fi ìwé náà àti àwòrán ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn lára òpó ààlà kan kò bára mu. Ó lè jẹ́ àṣìṣe akọ̀wé. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ yìí ni gbogbo ilé-iṣẹ́ náà dúró lé.

Èkejì ni owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́, èyí tó dùn mí jù. Mo ṣí ìwé owó oṣù obìnrin kan tó ń dí ọ̀rá. Lóṣooṣù ni wọ́n ń yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí sísan owó náà fún àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ parí sí Oṣù Kejì 2023. Láti ìgbà náà, oṣù 19, kò sí nǹkan kan. Òṣìṣẹ́ 143 lọ́rọ̀ yìí kàn. Òfin fún ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 7 péré lẹ́yìn owó oṣù láti fi ìdá 8 yìí àti ìdá 10 tirẹ̀ ṣọwọ́. Bí a ṣe ṣírò rẹ̀, ó ti tó mílíọ̀nù 41 náírà, láìka ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 2 lóṣù. Owó òógùn ojú wọn ni wọ́n yọ, tí wọ́n sì ná. N kò fẹ́ kí àwọn èèyàn yìí jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n rí i pé àwa ni wọ́n ń bá ṣẹjọ́.

Nínú fódà gbèsè, lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tó ní àwọn kò jẹ báǹkì kankan. Àyẹ̀wò tí a ṣe ní CAC sọ nǹkan mìíràn: wọ́n ti fi gbogbo dúkìá ilé-iṣẹ́ náà ṣe ohun ìdúró fún mílíọ̀nù 180 náírà ní 2022, kò sì sí ìwé pé wọ́n ti san án tán. A béèrè lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò fèsì.

Alágbàtà kan ṣoṣo ló ń ra ìdá 58 ọjà wọn. Àdéhùn rẹ̀ gbà á láàyè láti fi wá sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 30 bí ilé-iṣẹ́ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àdírẹ́sì rẹ̀ àti ti ilé olùdásílẹ̀ jọra délẹ̀délẹ̀. N kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé.

Àwọn tó kù ṣeé tún ṣe: ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC méjì nínú mẹ́fà ti kú láti Oṣù Keje, ojú ìwé tí ọ́dítọ̀ yẹ kó fọwọ́ sí nínú ìṣirò 2023 kò sì sí.

Kí a tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ohun tí mo fẹ́ kí a béèrè nìyí: kí wọ́n gba ìfọwọ́sí gómìnà lówó ara wọn, kí wọ́n san owó ìfẹ̀yìntì pẹ̀lú ìtanràn, kí a rí ìwé rẹ̀, kí báǹkì kọ̀wé pé òun ti tú dúkìá sílẹ̀, kí alágbàtà kọ̀wé pé òun kò ní lọ. Kí mílíọ̀nù 250 náírà nínú owó ọjà sì wà lọ́wọ́ lọ́yà fún oṣù 18. Bí wọ́n bá kọ̀ ti ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ọjà náà sílẹ̀.

Mo ti ní kí akọ̀wé yín fún wa láàyè ní aago 10 àárọ̀ Ọjọ́rú. Èmi yóò kó ìwé ilẹ̀ àti ìwé owó oṣù wá, kí ẹ fojú ara yín rí i.