Ta ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún ará Ọ̀tún?

Ẹ̀yin ọmọ lẹ́sìnnì ọjọ́ Sátidé wa ní Adó-Èkìtì, iṣẹ́ àṣetiléwá ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. Àlọ́ ìjókòó mẹ́ta ni. Ẹ wá ìwé, ẹ wá bírò, kí ẹ sì yá ọmọrí ìkòkò kan lọ́wọ́ ìyá yín. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ gbé ọmọrí náà sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ sára bébà kéékèèké, kí ẹ máa tò wọ́n yí i ká. Ẹni tó bá fẹ́ fi orí lásán ṣe é, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbé èèyàn méjì jókòó sórí àga kan.

Ẹ kọ èyí sókè ìwé kí ẹ tó ka ohunkóhun: ẹni tó kọjú sí àárín tábìlì, ọ̀nà ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ọwọ́ aago ń yí lọ. Ẹni tó kẹ́yìn sí àárín, ọ̀nà ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni. Ẹ má há a sórí, ẹ dán an wò. Ẹ ṣe bí ẹni pé ibi 6 lójú aago lẹ jókòó sí, tí ẹ kọjú sí 12. Ọwọ́ ọ̀tún yín bọ́ síhà 3, tòsì bọ́ síhà 9. Láti 6, ibo ni aago ń lọ? Ó ń lọ sí 9.

Èmi fúnra mi ti jìyà rẹ̀ rí. Lọ́dún tí mo ṣe ìdánwò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìbéèrè márùn-ún ló wà lórí tábìlì kan ṣoṣo, mo sì pàdánù mẹ́rin nínú wọn. Mo ya tábìlì náà dáadáa. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ń fi ọwọ́ ara mi wo ọwọ́ ẹni tí mo yà sókè ìwé, bẹ́ẹ̀ èmi àti onítọ̀hún kọjú síra ni. Ọ̀tún mi, òsì rẹ̀ ni.

Nínú àwọn àlọ́ yìí, tí mo bá ní ẹnì kan wà “lẹ́gbẹ̀ẹ́” ẹlòmíràn, kò sí ẹnikẹ́ni láàárín wọn.

Àlọ́ kìíní: iyán Màmá Àgbà

Ní Ìyìn-Èkìtì, èèyàn mẹ́fà jókòó yí tábìlì róbótó ká, gbogbo wọn kọjú sí abọ́ iyán tó wà láàárín. Àwọn ni Màmá Àgbà, Bùọ̀dá Fẹ́mi, Àǹtí Bọ́sẹ̀, Ayọ̀, Kẹ́hìndé àti Dàda. Àlàfo àárín wọn dọ́gba.

Dàda jókòó kọjú sí Màmá Àgbà gan-an, nítorí Màmá ní ojú òun kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀ bí ẹran bá ti délẹ̀. Ayọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Àgbà, lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Bùọ̀dá Fẹ́mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dàda. Àǹtí Bọ́sẹ̀ wà láàárín Ayọ̀ àti Dàda.

Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kẹ́hìndé lọ́wọ́ ọ̀tún? Ta ló kọjú sí Ayọ̀?

Àlọ́ kejì: ìdí igi odán

Lọ́jà abúlé kan lẹ́bàá Ìkọ̀lé, wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ìjókòó róbótó yí igi odán ká. Àwọn ìyálọ́jà méje jókòó lé e, gbogbo wọn fi ẹ̀yìn ti igi, wọ́n kọjú síta sí àwọn oníbàárà. Ìyá Oníṣu, Ìyá Elépo, Ìyá Oníyọ̀, Ìyá Aláta, Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ìyá Onírú àti Ìyá Onígàárí ni wọ́n.

Tí Ìyá Oníṣu bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka èèyàn láti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, Ìyá Aláta ni ẹnì kẹta. Ìyá Onírú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, lọ́wọ́ ọ̀tún Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà láàárín Ìyá Aláta àti Ìyá Onírú. Ìyá Oníyọ̀ wà láàárín Ìyá Elépo àti Ìyá Aláta, ó kan àwọn méjèèjì.

Ọmọ kan tí wọ́n rán níṣẹ́ kí Ìyá Oníṣu kú ọjà, ó wá ń yí igi náà ká bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ta ni yóò kí tẹ̀ lé e? Ta sì ni yóò kí kẹ́yìn?

Àlọ́ kẹta: ìpàdé ará ìlú méje àti ará Adó

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Èèyàn mẹ́jọ ṣèpàdé ní Adó lówùúrọ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan rán ẹnì kan wá: Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìkọ̀lé, Ìjerò, Ẹ̀fọ̀n, Ọ̀tún, Ọ̀yẹ́ àti Òmùò. Àga mẹ́jọ yí tábìlì róbótó ká. Mẹ́rin wà ní àríwá, ìlà-oòrùn, gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn tábìlì gẹ́lẹ́, mẹ́rin yòókù sì wà ní igun tó wà láàárín wọn. Gbogbo wọn kọjú sí àárín. Ẹnu ọ̀nà yàrá náà wà ní ìlà-oòrùn.

Àwọn ará Ọ̀tún, Òmùò, Ìkẹ́rẹ́ àti Ẹ̀fọ̀n ló gba àga ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ sì mọ̀ pé tí èèyàn bá dúró ní Adó, àríwá ni Ọ̀tún wà, Òmùò wà ní ìlà-oòrùn, Ìkẹ́rẹ́ ní gúúsù, Ẹ̀fọ̀n ní ìwọ̀-oòrùn. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jókòó síhà tí ìlú rẹ̀ wà.

Ará Ẹ̀fọ̀n ni ẹnì kejì lọ́wọ́ ọ̀tún ará Ọ̀tún.

Oòrùn àárọ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó ń jó ará Ọ̀tún lẹ́yìn ọrùn.

Ará Adó kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ará Ẹ̀fọ̀n, kò sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ará Ìkẹ́rẹ́.

Ará Ìkọ̀lé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ará Ìkẹ́rẹ́, lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ará Ọ̀yẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ará Òmùò, lọ́wọ́ òsì tirẹ̀ náà.

Ta ló kọjú sí ará Ọ̀yẹ́? Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ará Ọ̀tún lọ́wọ́ ọ̀tún?

(Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi Ọ̀tún sí i. Ẹ ka gbólóhùn kejì sókè fún ẹni tí kò wo ìwé, kí ẹ wo ojú rẹ̀.)

Ìdáhùn

Ẹ má tíì ka ibí yìí tí ẹ kò bá tíì tò ó.

Ti Màmá Àgbà kò le. Ẹ fi Màmá síbi 12, Dàda bọ́ síbi 6. Òsì Màmá ni aago ń lọ, nítorí náà Ayọ̀ tẹ̀ lé Màmá lọ́nà aago. Àga kan ṣoṣo ló wà láàárín Ayọ̀ àti Dàda, Àǹtí Bọ́sẹ̀ ló ni ín. Ẹ̀gbẹ́ Dàda kejì nìkan ló kù fún Bùọ̀dá Fẹ́mi. Kẹ́hìndé gba èyí tó ṣẹ́ kù. Lọ́nà aago: Màmá Àgbà, Ayọ̀, Bọ́sẹ̀, Dàda, Fẹ́mi, Kẹ́hìndé. Ọ̀tún Kẹ́hìndé ni Bùọ̀dá Fẹ́mi, òun náà ló sì kọjú sí Ayọ̀. Èèyàn mẹ́fà lè yí tábìlì ká lọ́nà 120, ẹ sì rí i pé gbólóhùn mẹ́rin ló jẹ́ kí ó ku ẹyọ kan.

Ti igi odán, gbogbo wọn kọjú síta, nítorí náà ọ̀tún ni aago ń lọ. Ẹ fún àwọn àga ní nọ́ńbà 1 sí 7 lọ́nà aago, kí Ìyá Oníṣu jẹ́ 1. Ìyá Aláta di 4. Ìyá Onírú lè wà ní 2 tàbí 6. Tó bá jẹ́ 2 ni, Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní láti wà ní 1, Ìyá Oníṣu sì ti jókòó síbẹ̀. Nítorí náà 6 ni Onírú, 5 ni Ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ìyá Oníyọ̀ ní láti kan Aláta, 3 nìkan ló kù fún un, Elépo wá gba 2. Onígàárí ni 7. Ọmọ náà yóò kí Ìyá Elépo tẹ̀ lé Ìyá Oníṣu, yóò sì parí rẹ̀ sọ́dọ̀ Ìyá Onígàárí.

Ohun kan wà níbí tó yẹ kí ẹ wò dáadáa. Ká ní ẹ gbàgbé pé síta ni wọ́n kọjú sí, tí ẹ tò wọ́n bíi ti tábìlì Màmá Àgbà, tí mo sì bi yín pé ta ló wà lọ́wọ́ òsì Ìyá Oníṣu, ẹ ó ṣì gbà á: Ìyá Onígàárí ni lọ́nà méjèèjì, torí pé gbogbo rẹ̀ yí padà pọ̀ bí àwòrán inú dígí. Ìbéèrè aago ló ń tú àṣírí. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń gba mẹ́ta láìmọ̀ pé òun ti ṣì í, tí ó wá ń bá olùkọ́ jà lórí ẹ̀kẹrin.

Ẹ̀kẹta wá. Àga kò lè yí kiri níbí nítorí ẹnu ọ̀nà ti so wọ́n mọ́lẹ̀: ẹni tó wà ní àríwá yàtọ̀ sí ẹni tó wà ní gúúsù. Ọ̀nà tí èèyàn mẹ́jọ lè gbà jókòó báyìí jẹ́ 40,320. Tí kò bá sí ẹnu ọ̀nà ni, 5,040 ni ì bá jẹ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látorí gbólóhùn àkọ́kọ́ yóò máa gbìyànjú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Gbólóhùn oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú, òun nìkan ló dárúkọ àga kan pàtó. Ọ̀nà ìlà-oòrùn ni oòrùn àárọ̀ gbà wọlé. Tó bá ń jó ará Ọ̀tún lẹ́yìn ọrùn, tí òun sì kọjú sí àárín, àga ìlà-oòrùn ló jókòó sí. Ká ní ìwọ̀-oòrùn ni, ojú ni ì bá ti jó o.

Ọ̀tún ẹni tó kọjú sí àárín lòdì sí aago. Ẹnì kejì láti ìlà-oòrùn lọ́nà yẹn ni àríwá: ará Ẹ̀fọ̀n nìyẹn. Gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ló kù fún Ìkẹ́rẹ́ àti Òmùò. Ìkẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ wà ní gúúsù, nítorí náà ìwọ̀-oòrùn ni tirẹ̀, Òmùò bọ́ sí gúúsù. Ó ku igun. Adó kò lè wà ní igun méjèèjì tó kan Ẹ̀fọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kò lè kan Ìkẹ́rẹ́; igun àárín ìlà-oòrùn àti gúúsù nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Òsì Ìkẹ́rẹ́ ni igun àárín ìwọ̀-oòrùn àti àríwá, ti Ìkọ̀lé. Òsì Òmùò ni igun àárín gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, ti Ọ̀yẹ́. Ìjerò gba èyí tó kù.

Láti àríwá lọ́nà aago: Ẹ̀fọ̀n, Ìjerò, Ọ̀tún, Adó, Òmùò, Ọ̀yẹ́, Ìkẹ́rẹ́, Ìkọ̀lé. Ará Ìjerò ló kọjú sí ará Ọ̀yẹ́, òun náà ló sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún ará Ọ̀tún. Ẹni tó bá kọ Adó, kó padà lọ ka ohun tó wà lókè ìwé rẹ̀.

Ìkan ṣì kù tí n kò ní dáhùn. Lágbedeméjì ìpàdé, fóònù ará Adó dún. Ó yí àga rẹ̀ padà, ó kẹ́yìn sí tábìlì, kò kúrò lójú kan náà. Ta ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ báyìí? Ẹ mú ìdáhùn bọ̀ ní Sátidé, kí ẹ sì dá ọmọrí ìkòkò padà kí ìyá yín tó wá a.