Lẹ́tà sí Àbúrò Mi Lórí Ọ̀rọ̀ Ọtí

Mọ́níyà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ 10, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Adéwálé, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé ara àwọn ọmọ le? Ara tiwa náà le, a dúpẹ́. Kì í ṣe ìyàwó rẹ ló fi ẹjọ́ rẹ sùn mí o. Ohun tí mo fojú ara mi rí nígbà tí o wá sùn lọ́dọ̀ wa ni mo fẹ́ bá ọ sọ, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé nítorí pé bó bá jẹ́ lórí fóònù ni, ẹ̀rín ni o máa fi bò ó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn, mo gbé tíì fún ọ, ọwọ́ rẹ sì ń gbọ̀n débi pé tíì ń dà sórí tábìlì. O ní òtútù ló ń mú ọ. O bọ́ sẹ́yìn ilé, o fi eyín ya ọtí inú ọ̀rá kan, nígbà tí o sì fi máa wọlé padà, ọwọ́ náà ti dúró. Àkànní, ìyẹn bà mí lẹ́rù ju gbogbo ariwo tí o pa lóru ọjọ́ náà lọ, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ láàárọ̀ àfi tó bá mu ún ti kúrò ní ẹni tó ń ṣe fàájì.

O sọ fún mi pé agbo jẹdíjẹdí ni paraga. Ta lò ń tàn? Ṣebí ògógóró ni wọ́n fi ń rẹ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Parasitámọ́ọ̀lù tí o sì ń dà sẹ́nu nítorí orí fífọ́, òun àti ọtí àmujù lè jọ ba ẹ̀dọ̀ rẹ jẹ́.

Síbẹ̀, n kò ní kí o já a lójijì. Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ ọtí, bó bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà láìsí dókítà nítòsí, gìrì lè mú un, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a jọ lọ sí ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta. Mo mọ ohun tí aráyé máa ń rò bí wọ́n bá gbọ́ Arò (ẹnu wọn ni wọ́n ń jẹ), ṣùgbọ́n wọ́n ń tọ́jú àwọn tí ọtí ti di bárakú fún níbẹ̀. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, Màmá kò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Títí a ó fi lọ, jọ̀wọ́, bí o bá ti mu ún, má gun ọ̀kadà. Mo ti gba ààyè níbi iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni n ó dé Ṣàgámù, kí a lè gbéra ní ìdájí ọjọ́ Ajé. Ọ̀rá ọtí yòówù tí mo bá bá nílé, n kò ní bá ọ jà. Ṣáà jẹ́ kí n bá ọ nílé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Fọláṣadé