Ya àwòrán iwájú fún orin mi, «Fóònù Rẹ Wà Lórí Ṣáájì»

Àwòrán kan ṣoṣo ni mo fẹ́, onígun mẹ́rin tó dọ́gba, kó dà bí fọ́tò tí ènìyàn fi kámẹ́rà yà nínú yàrá gidi. Iwájú orin ẹyọ kan ló máa wà. Ojú fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti kọ́kọ́ rí i, níbi tí kò ní fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Nítorí náà, ohun kan péré ni kí ojú kọ́kọ́ bà lé: iná fóònù kékeré nínú òkùnkùn.

Orin náà nìyí:

Mo tún ki fóònù rẹ bọ iná lálẹ́ àná,
kì í ṣe pé ẹnì kan fẹ́ pè.
Ohùn rẹ wà nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá:
«Ṣé o ti jẹun? Pè mí padà.»

Má kú, iná kékeré, má kú,
ohun tó ṣẹ́kù fún mi nìyẹn.
Mo ti jẹun, ìyá mi, mo ti jẹun,
mo kàn pẹ́ kí n tó pè ni.

Awò ojú rẹ ṣì wà lórí àpótí,
àga rẹ kọjú sí fèrèsé bí o ṣe fi í sílẹ̀.
Wọ́n ní kí n kó wọn kúrò nílẹ̀,
mo ní ẹ jẹ́ kí iná ó kún ná.

Ohùn mi àti jìtá kan ló wà nínú rẹ̀, kò sí ìlù. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, lílù 66 ní ìṣẹ́jú kan. Mo sún mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn gan-an nígbà tí mò ń kọ ọ́, débi pé a ń gbọ́ èémí mi láàárín ọ̀rọ̀. Kò sí ibi tí mo ti pariwo.

Ìbànújẹ́ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ ìsìnkú. Ó ti pé oṣù 7 tí ìyá mi ti lọ. Ẹkún ti rọlẹ̀, ohun tó kù ni iṣẹ́ alaalẹ́ kan tí mi ò lè fi sílẹ̀: kí n ki wáyà bọ ìdí fóònù rẹ̀, kí n dúró títí ojú rẹ̀ yóò fi tàn, kí n tó lọ sùn. Bí ẹni ń bo ọmọ láṣọ ni. Àbámọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, torí mi ò pè é padà lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ìtọ́jú ló pọ̀ jù. Àwòrán tó bá fi ọ̀fọ̀ nìkan hàn ti ṣi orin yìí gbọ́.

Ya yàrá ìyá ní òru. Ibùsùn kan wà lápá òsì, a ti tẹ́ ẹ dáadáa, ìrọ̀rí kan péré ló wà lórí rẹ̀, àárín ìrọ̀rí náà sì tẹ̀ wọnú díẹ̀ níbi tí orí máa ń wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni àpótí ìjókòó onígi tí etí rẹ̀ ti jẹ. Orí àpótí yìí ni fóònù náà dùbúlẹ̀ sí. Fóònù onítẹ̀ ayé àtijọ́ ni, dúdú, ọ̀dà ti ṣí lára igun rẹ̀, àwọn nọ́ńbà tí ìyá mi máa ń tẹ̀ jù sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Àmì bátìrì nìkan ló hàn lójú rẹ̀, ìlà kan nínú mẹ́rin ló sì tíì kún. Má fi ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀.

Wáyà ṣáájà ṣe pàtàkì lójú mi ju ibùsùn lọ. Funfun ni. Kó ti ìdí fóònù sọ̀ kalẹ̀ létí àpótí, kó tẹ̀ kọrọdọ nílẹ̀, kó tó gun ara ògiri lọ síbi iná. Nígbà tí mò ń kọ orin yìí, ìwọ́ tó so ọmọ mọ́ ìyá ni mò ń rò: nígbà kan òun ló ń bọ́ mi, ní báyìí èmi ni mò ń bọ́ ohun tó kù nínú rẹ̀. Má ya ìwọ́ o. Wáyà lásán ni kó jẹ́, ṣùgbọ́n kó rọ̀, kó má ṣe nà gbọnrangandan.

Awò ojú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, a ká apá rẹ̀ jọ, ojú kan ṣoṣo nínú méjèèjì ló mú ìmọ́lẹ̀ fóònù. Àga wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó kọjú sí fèrèsé, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn.

Kò sí ènìyàn níbẹ̀. Mo rò ó títí bóyá kí ọwọ́ mi wà lára wáyà, mo sì yọ ọ́ kúrò: bí ọwọ́ bá ti wọlé, ojú yóò kúrò lára ìyá, yóò wá sára mi. Dípò ọwọ́, fi ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín sábẹ́ ilẹ̀kùn lápá ọ̀tún lẹ́yìn. Ẹnì kan ṣì wà lójúfò níta. Èmi nìyẹn.

Òkùnkùn yàrá náà kì í ṣe dúdú kirikiri, àwọ̀ aró tó jinlẹ̀ ni, #0E1722. Ìmọ́lẹ̀ fóònù funfun, ó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú, #B9D8A6. Òun ló mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo àwòrán, kó sì tàn dé etí ìrọ̀rí, kó má kọjá ibẹ̀. Ìlà abẹ́ ilẹ̀kùn ní àwọ̀ ọsàn tó ti ṣá, #B8682E. Mẹ́ta yìí tó.

Kámẹ́rà wà ní ìwọ̀n gíga àpótí náà, bí ẹni tó kúnlẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́ńsì 50 mm, f/2.8, fóònù ló mú dáadáa, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń di bàìbàì. Fi hóró díẹ̀ sí i bíi ti fíìmù ISO 800. Fóònù wà nísàlẹ̀, ó sún sápá ọ̀tún díẹ̀. Ìdá méjì nínú márùn-ún àwòrán, lápá òkè, jẹ́ òkùnkùn lásán, ibẹ̀ ni mo máa kọ àkọlé sí fúnra mi. Má bá mi kọ ọ́: bí àmì ohùn bá yí padà, ọkọ́ lè di ọkọ̀, mi ò sì fẹ́ kí orúkọ orin ìyá mi ní àṣìṣe kankan.

Kò gbọdọ̀ sí àbẹ́là níbẹ̀. Ẹsẹ̀ orin tó ní «má kú, iná kékeré» lè tì ọ́ síbẹ̀, fóònù ló ń bá wí. Kò sí òdòdó, omijé, áńgẹ́lì, òjò lójú fèrèsé, fọ́tò ìyá lára ògiri, tàbí àmì ilé iṣẹ́ kankan lára fóònù.

Ya ẹ̀dà mẹ́rin àwòrán kan ṣoṣo yìí, 3000 × 3000 píksẹ́lì, RGB. Jẹ́ kí ohun gbogbo bára mu nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àfi ìmọ́lẹ̀ fóònù: nínú àkọ́kọ́, kó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, nínú ìkejì àti ìkẹta, kó máa ṣe bàìbàì sí i, nínú ìkẹrin, kó ku díẹ̀ kó kú, ṣùgbọ́n kó má kú.