Ọdẹ tó lọ, gbèsè tó kù: ewì ọ̀fọ̀ méjì

Ewì kìíní jẹ́ ìrèmọ̀jé tí wọ́n sun níbi ìpà ọdẹ kan ní Kétu, tí a wá tẹ̀ sínú ìwé lẹ́yìn náà. Ewì kejì, obìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta àkàsà ní ọjà Wàńdó, ní Àjàṣẹ́, ló kọ ọ́.

Ọdẹ lọ, igbó pa rọ́rọ́.
Ọdẹ lọ, ọ̀nà ẹgàn hu koríko.
Ìbọn ń bẹ lára ògiri, kò rẹ́ni gbé e;
Ajá ń bẹ lẹ́yìn ilé, kò rẹ́ni tẹ̀ lé.
Erin wó, igbó mì;
Baba mi wó, ilé mì tìtì.
Má ṣe jẹ ọ̀kùn, má ṣe jẹ ekòló,
Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó o bá wọn jẹ.
Ó di gbére, ó di àrìnnàkò,
Ó di ojú àlá ká tó fojú kàn ọ́.

Èyí ni ti Àjàṣẹ́:

Ìwé gbèsè ìyá mi wà lórí tábìlì.
Alágbàfọ̀: àkàsà méje.
Olùkọ́: àkàsà mẹ́ta, ó ku àádọ́ta fàráńkì.
Lónìí, ẹni mẹ́rin wá san.
Wọ́n ní wọn kò mọ̀.
Mo gbowó. Mo fa ìlà lé orúkọ.
Wọ́n ti ní kí n má gbàgbé orúkọ ẹnì kankan.
Ìkòkò ńlá ṣófo. Mo fọ̀ ọ́.
Mo tún un fọ̀.
Ó ku ẹni mọ́kànlá.

Ìlà mẹ́wàá-mẹ́wàá ni àwọn méjèèjì, kò sì sí èyí tó dárúkọ ikú nínú wọn. Ẹ wá “kú” títí, ẹ kò ní í rí i. Ṣùgbọ́n ìdí tí kò fi sí níbẹ̀ kò jọra. Àdàpè ni apohùn ti Kétu fi bò ó: ọdẹ “lọ”, baba “wó”, ọ̀rọ̀ “di gbére”. Gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ló mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, nítorí àwọn náà ti sọ wọ́n rí lórí òkú tiwọn. Akéwì Àjàṣẹ́ kò lo àdàpè kankan. Ó kàn fi àyè sílẹ̀ ni. Nínú “Wọ́n ní wọn kò mọ̀”, kí ni wọn kò mọ̀? “Mọ̀” ń fẹ́ àbọ̀, akéwì yọ àbọ̀ náà kúrò, ikú sì jókòó sínú àyè tó ṣófo.

Ó tún ṣe ohun kan tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. “Kù” tó túmọ̀ sí pé nǹkan ṣẹ́kù jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ á di àárín: “ó ku àádọ́ta”, “ó ku ẹni mọ́kànlá”. “Kú” jẹ́ ohùn òkè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni akéwì sún mọ́ ọ̀rọ̀ tó ń sá fún, tí ohùn nìkan là wọ́n láàárín. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá tẹ ewì yìí láìfi àmì ohùn sí i fi bà á jẹ́ pátápátá: òǹkàwé lè ka ìlà kẹwàá bí ẹni pé ìyọnu ńlá ló ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn mọ́kànlá.

Ọ̀rọ̀ inú ìrèmọ̀jé náà jẹ́ ti igbó àti iṣẹ́ ọdẹ: ìbọn, ajá, ẹgàn, erin. Ìró wà níbẹ̀, “rọ́rọ́” àti “tìtì”. Erin tó wó nìkan ni mo rí bí ibi tí ewì ti rọ̀, nítorí kò sí àgbà tó lọ tí wọn kì í fi wé e. Ohun tó gbà á là ni “mì, mi, mì” tó ń dún tẹ̀ léra wọn nínú ìlà karùn-ún àti ìkẹfà. Nínú ti Àjàṣẹ́, kò sí ìró kankan, kò sí àfiwé kankan. Iye ló kún inú rẹ̀: méje, mẹ́ta, àádọ́ta, mẹ́rin, mọ́kànlá. Àkàsà pàápàá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà tí kò ní ọ̀ṣọ́.

Ní ti ìhun, ìlà méjì-méjì ni ìrèmọ̀jé ń rìn, ìdajì kìíní á pè, ìkejì á dáhùn: “ń bẹ… kò rẹ́ni”, “ń bẹ… kò rẹ́ni”. Àwọn ọdẹ tó dúró yíká lè mọ ibi tí ìlà ń lọ kó tó dé ibẹ̀. Ẹ má ka àmì ìdánudúró ibẹ̀ kún iṣẹ́ akéwì o. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló fi wọ́n sí i. Nínú ewì kejì, ti akéwì ni wọ́n. Àmì ìparí gbólóhùn méjìlá ló wà nínú ìlà mẹ́wàá, gbogbo ìlà ló sì parí sí ọ̀kan. Kò sí gbólóhùn tó gba ìlà kan kọjá sí òmíràn. Ẹni tí kò fẹ́ kí ohùn òun gbọ̀n ló máa ń sọ̀rọ̀ báyìí. “Mo fọ̀ ọ́. Mo tún un fọ̀” nìkan ni àwítúnwí tó wà níbẹ̀, kò sì ṣeé gbè. Ìkòkò náà ti mọ́ nígbà àkọ́kọ́.

Àwọn kan á ní ewì alohùn jẹ́ ohùn agbo, ti ìwé sì jẹ́ ohùn ẹnì kan. Ẹ tún wọn kà. Ìlà márùn-ún ni apohùn fi jẹ́ ẹnu ẹgbẹ́ ọdẹ. Ní ìkẹfà, “baba mi” já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ọmọ jáde láàárín ọdẹ. Àtìgbà náà ló ti kọjú sí òkú: “má ṣe jẹ”, “kó o bá wọn jẹ”, “ọ́”. Ẹni tí ó jẹ́ “ẹ” fún un nígbà tó wà láyé ló ń pè ní “o” yìí. Nínú ìrèmọ̀jé, èyí kì í ṣe àrífín rárá. Bí a ṣe ń ki ènìyàn nìyẹn. Apohùn mọ ibi tí baba ń lọ, ó sì ń kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń gbé ibẹ̀, bí ìgbà tí òbí ń rán ọmọ lọ sí àjò.

Ewì Àjàṣẹ́, tí wọn yóò pè ní ti ẹnì kan, ní ajigbèsè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú. Ọmọ kò sì bá ìyá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. “Mo” mẹ́rin ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ sì ni gbogbo wọn: gbígba owó, fífa ìlà, fífọ ìkòkò lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí ìdúró rẹ̀ ti hàn ni “wọ́n”. Ní ìlà karùn-ún, àwọn oníbàárà ni “wọ́n”. Ní ìlà keje, “wọ́n” tó ní kó má gbàgbé orúkọ ni ìyá, tí ọmọ fi ọ̀wọ̀ pè. Ọ̀rọ̀ kan náà, láìsí àmì kankan tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ ṣì ń bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀ bí ẹni tó wà ní yàrá kejì, ìyá sì ti wọ àárín èrò ọjà tí a kò lè tọ́ka sí.

Níbi tí a bá ti ka méjèèjì síta, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fi ohùn ìrèmọ̀jé sun èkejì. Ẹ kà á bí ẹni ń ka ìwé gbèsè. Ẹ dúró díẹ̀ lẹ́yìn “Mo tún un fọ̀”, kí ẹ tó wá ka iye tó kù, láìgbé ohùn sókè.