Lẹ́tà ìyá àgbà sí Àkànní lórí ugu, ata àti àpọ̀n

Pàkátà, Ìlọrin.
Ọjọ́ 12, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Àkànní ọmọ mi,

Àsàláámù àlékùn. Ṣé dáadáa ni o wà? Òtútù Kánádà ńkọ́? Ọyẹ́ ti ń yọjú níbí láàárọ̀, ètè mi ti ń là. Àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, èmi ń sọ, òun ń kọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ kún un.

Ohun tí o sọ lórí fóònù ní Sátidé ló wà lọ́kàn mi. O ní ọbẹ̀ rẹ kò fà, ẹ̀fọ́ rẹ dúdú nínú fíríìjì, ata rẹ hu funfun, o sì kó gbogbo rẹ̀ dànù. Mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Bí a bá lọ sí Ìpàtà, ìwọ lò ń gbé apẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé mi, àmọ́ ìsọ̀ alápatà lojú rẹ máa ń wà. N kò dá ọ dúró kí n fi ata hàn ọ́ rí.

Àpọ̀n ni n ó kọ́kọ́ sọ, òun ló dùn ọ́ jù. (Àbúrò rẹ ń rẹ́rìn-ín, ó ní àpọ́n ń se àpọ̀n. Má dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.) Lílọ̀ lo rà, àbí? Má ra lílọ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n bá ti lọ̀ sínú ọ̀rá, ta ni yóò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn? Èmi tí mo ti dàgbà tó báyìí, mo ra lílọ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan nígbà ìkómọ àbúrò rẹ yìí gan-an. A rò ó, a rò ó, ó ki bí àmàlà tí kò jinná, kò fà rárá. Àlejò ti jókòó sílẹ̀. Ilá ló gbà mí lọ́jọ́ náà.

Odidi ni kí o rà. Sọ fún onísọ̀ kí ó jẹ́ kí o ṣẹ́ ẹyọ kan. Bí inú rẹ̀ bá dà bí wàrà tí kò tíì rí epo, ó dára. Bí ó bá ti dúdú bí kòkó, ó ti pẹ́ nínú àpò. Gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú, kò gbọdọ̀ máa rùn bí epo tó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, jẹ díẹ̀, fi ìka méjì fà á pẹ̀lú itọ́. Ìka rẹ yóò sọ fún ọ bóyá yóò fà nínú ìkòkò. Èyí tó bá ti hu lára, ì báà jẹ́ funfun, ì báà jẹ́ bí àwọ̀ ewé, fi í sílẹ̀ fún wọn. Má rò pé wàá fọ̀ ọ́ mọ́, májèlé irú èyí kì í bá omi lọ, iná kò sì pa á tán.

Àwọn tó ń gbé e wá láti ìhà igbó sọ fún mi pé oríṣi méjì ni òro, igi tó ń so àpọ̀n. Èyí tó ń so lójò, èso rẹ̀ dùn, ọmọdé ń jẹ ẹ́. Èyí tó ń so lẹ́ẹ̀rùn, èso rẹ̀ korò, ṣùgbọ́n àpọ̀n inú rẹ̀ ló ń fà jù. Mo ti se méjèèjì, òótọ́ ni wọ́n sọ.

Bí ó bá délé, tẹ́ ẹ sórí àwo fẹ̀ǹfẹ̀ nínú yàrá tó gbóná, ọjọ́ méjì tó, kí ó gbẹ dáadáa. Kó o sínú ìgò gbígbẹ tí ìdérí rẹ̀ le, gbé e sínú fírísà. Ìwọ̀n tí o fẹ́ sè lọ́jọ́ náà nìkan ni kí o lọ̀. Má jẹ́ kí ẹ̀rọ yí pẹ́ jù, òróró inú rẹ̀ a jáde, a sì di ìdì. Epo pupa lórí iná tí kò le ni kí o fi yọ́ ọ kí o tó bu omi ẹran sí i díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi kì í dé ìkòkò àpọ̀n, èmi náà kì í dé e.

Ata kò le tó bẹ́ẹ̀. Rodo tó dára ń dán, ara rẹ̀ le, igi kékeré orí rẹ̀ ṣì tutù. Bí ìdí igi yẹn bá ti dúdú tàbí tó rọ̀, inú ti bàjẹ́. Tàtàṣé, gbé e lọ́wọ́: tí ó bá fúyẹ́ ju bí ó ti tóbi lọ, fi í sílẹ̀. Má fọ ata kí o tó tọ́jú rẹ̀. Omi lo fi bà á jẹ́, mo rí i nínú fídíò tí o fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, o fọ̀ ọ́, o dì í mọ́ ọ̀rá pẹ̀lú omi lára! Ìwé gbígbẹ ni kí o tẹ́ sísàlẹ̀ ike. Rodo tó pọ̀, sọ odidi rẹ̀ sínú fírísà, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Tàtàṣé àti ṣọ̀ǹbọ̀, lọ̀ wọ́n, sè wọ́n láì fi epo sí i títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, jẹ́ kó tutù pátápátá, kí o wá dì í ní ẹyọ-ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

O rí i, ìwọ ní iná. Èmi di ata sínú fírísà lọ́dún kan, iná lọ fún ọjọ́ márùn-ún, òórùn ló jí wa. Fírísà náà ti di àpótí aṣọ báyìí.

Ugu wá ńkọ́? Nígbà tí mo wà lọ́mọge, ta ló ń wá ugu ní ilé wa? Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre àti ewédú là ń jẹ. Ìyá Íbò kan tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi ló kọ́ mi. Ó ní kí n má wo ewé nìkan, kí n ṣẹ́ igi rẹ̀. Bí ó bá kán pá, ọ̀dọ́ ni. Bí ó bá tẹ̀ bí okùn, ewé rẹ̀ yóò le lẹ́nu bí awọ. Èyí tí etí rẹ̀ ti ń pọ́n, má san owó fún un.

Èyí tí o máa jẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, má fọ̀ ọ́, fi aṣọ gbígbẹ wé e. Ìyókù, fọ̀ ọ́ ní odidi ewé kí o tó gé e, nítorí bí o bá gé e tán kí o tó fọ̀ ọ́, omi ni yóò jẹ adùn rẹ̀. Da omi híhó lé e, ka oókan dé ọgọ́ta, sọ ọ́ sínú omi tútù, fún un, dì í ní ìwọ̀n ìkúùkù, kí o sì gbé e sínú fírísà. Má jẹ́ kó yọ́ kí o tó sọ ọ́ sínú ọbẹ̀, ìgbẹ̀yìn ni kí ó sì wọlé.

Ọmọ ìyá alákàrà ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní oṣù tó ń bọ̀. Mo fi àpọ̀n kóńgò kan àti ata gbígbẹ rán an. Orí ẹní ni mo sá ata yẹn sí, kì í ṣe ojú títì níbi tí ewúrẹ́ ti ń rìn lórí rẹ̀. Mo ti sọ fún un kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá fún un ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, kó má fi nǹkan kan pamọ́. Bí ó bá kó o dé ọ̀dọ̀ rẹ, gbé ata náà sínú fírísà fún ọjọ́ mẹ́rin kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú, lẹ́yìn náà kí o kó o sínú ìgò.

Pè mí ní Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Gbé fóònù sórí ìkòkò, mo fẹ́ rí i bí ó ṣe ń fà.

Èmi ni,
Ìyá àgbà rẹ.